Ibi Tí Mílíọ̀nù Mẹ́jọ Ti Wá

Ìjábọ̀ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lè tó ogójì ojú ìwé, ṣùgbọ́n ojú ìwé kan péré ni ọ̀gá àgbà máa ráyè kà kó tó wọ ìpàdé. Ohun tí ojú ìwé yẹn bá fi pamọ́ fún un, kò ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan ṣe àpẹẹrẹ. Ètò ìṣúná wọn ni pé kí wọ́n ta búrẹ́dì 100,000 láàárín oṣù mẹ́ta, ní 1,000 náírà ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí mílíọ̀nù 100 náírà wọlé. Mílíọ̀nù 108 ló wọlé. Ẹni tó bá kánjú á kọ ọ́ pé ọjà tà ju bí a ṣe rò lọ. Bẹ́ẹ̀ ọjà ò tà. Ìwé ìtajà tó wà lẹ́yìn ìjábọ̀ fi hàn pé búrẹ́dì 90,000 ni wọ́n tà, àmọ́ wọ́n ti fi owó kún un, ó di 1,200 náírà. Búrẹ́dì 10,000 tí kò tà mú kí wọ́n pàdánù mílíọ̀nù 10. 200 náírà tí wọ́n fi lé èyí tó tà mú mílíọ̀nù 18 wọlé. Ẹ yọ 10 nínú 18, mílíọ̀nù 8 náà nìyẹn. Apá méjèèjì ló gbọ́dọ̀ hàn lójú ìwé, torí oníbàárà ti ń dín kù.

Ti ìyẹ̀fun tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mílíọ̀nù 40 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, wọ́n ná 45. Ìjábọ̀ á ní mílíọ̀nù 5 ni wọ́n fi kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n 400 náírà ìyẹ̀fun ni wọ́n ṣírò fún búrẹ́dì kan. Búrẹ́dì 90,000 kò yẹ kó jẹ ju mílíọ̀nù 36 lọ. Mílíọ̀nù 9 ni wọ́n ná jù. Ṣé ìyẹ̀fun ló wọ́n sí i ni, àbí wọ́n ń fi ṣòfò? Iye àpò tí wọ́n lò àti iye tí wọ́n ra àpò kan ló máa sọ ọ́, ilé ìkẹ́rù sì ni a ti máa béèrè.

Owó tó ṣẹ́kù náà yẹ ká fura sí. Bí wọ́n bá ya mílíọ̀nù 6 sọ́tọ̀ fún àtúnṣe ẹ̀rọ, tí wọ́n sì ná mílíọ̀nù 1, kì í ṣe dandan kó jẹ́ ìfowópamọ́. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tíì tún ẹ̀rọ ṣe, tàbí pé wọ́n ti tún un ṣe, ìwé owó oníṣẹ́ ni kò tíì dé. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ ọ́ pé owó náà ń bọ̀ wá jáde lóṣù mẹ́ta tó kàn.

Kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀, ẹ wo orí òpó tí ẹ ti mú un. Òpó oṣù mẹ́ta àti ti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí di òní sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú sì máa ń ṣì wọ́n mú. Bí wọ́n bá kọ ₦'000 sókè, 108,000 tó wà lábẹ́ rẹ̀ mílíọ̀nù 108 ni.

Tí ẹ bá wá ń tò ó, ìpinnu tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá ni kó ṣíwájú, bóyá pé kí owó búrẹ́dì wálẹ̀ díẹ̀. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti iye á tẹ̀ lé e, kí olúkúlùkù ní ìdí tirẹ̀ àti nọ́ńbà ojú ìwé tó ti wá nínú ìjábọ̀.