Ọ̀sán Gangan ní Etíkun Mahin: Ibi tí Wíwọn Òòrùn Ti Di Iṣẹ́ Atukọ̀

Ẹni tó bá dúró sójú gbangba ní Mahintẹ̀dó lọ́sàn-án gangan nínú oṣù Kejìlá, òjìji rẹ̀ á nà sí àríwá, síhà Igbókọ̀dá. Kó tún dúró síbẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, òjìji náà á ti yí padà, á kọjú sí gúúsù, síhà òkun. Láàárín méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹrin àti ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹsàn-án, òòrùn á kan àtàrí gan-an, òjìji á sì wọ abẹ́ ẹsẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ò ka èyí sí nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n fún àwọn atukọ̀ Pọtogí tó gba iwájú etíkun yìí kọjá ní nǹkan bí ọdún 1472, ọ̀ràn ńlá ni, torí ní Lísíbọ̀n tí wọ́n ti wá, òjìji ọ̀sán kì í kọjú sí gúúsù láéláé. Ibi tí wọ́n ti ń wá ojútùú sí òjìji tó ń yí padà yìí ni ọgbọ́n kan ti jáde, èyí tí wọ́n ṣì fi ń kọ́ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ òkun títí dòní: kí èèyàn wọn gíga òòrùn lọ́sàn-án, kó sì fi mọ ibi tó wà.

Kí wọ́n tó máa wo òòrùn, ìràwọ̀ ni wọ́n ń wò. Ìràwọ̀ kan wà ní àríwá tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Bó bá ṣe ga tó lójú ọ̀run, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń wò ó ṣe jìnnà tó sí ìlà agbedeméjì ayé. Ìjìnnà yìí, sí àríwá tàbí sí gúúsù, ni à ń pè ní ìlà ìbú. Ní Lísíbọ̀n, ìràwọ̀ náà ga tó nǹkan bíi dígírì 38. Níwájú Mahin, dígírì 6 ló kù, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sórí omi, níbi tí ìkùukùu àti ọyẹ́ ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì tún lọ sí gúúsù, tó ré kọjá ìlà agbedeméjì, ìràwọ̀ náà á wọ̀ pátápátá. Òòrùn nìkan ló kù tí wọ́n lè gbójú lé, òun náà kò sì dúró sójú kan.

Ní ọdún 1485, Ọba João Kejì ti ilẹ̀ Pọtogí rán José Vizinho, oníṣègùn rẹ̀ tó jẹ́ Júù tó sì mọ ìmọ̀ ìràwọ̀, pé kó wá sí etíkun Gínì wá wọn gíga òòrùn. Àkọsílẹ̀ kékeré kan tó wà ní etí ewé ìwé kan tó jẹ́ ti Kòlọ́ńbọ́ọ̀sì ló jẹ́ ká mọ̀ nípa ìrìn àjò yìí. Ohun tí Vizinho wá dán wò ni bóyá ìṣirò inú ìwé lè bá òòrùn tòótọ́ mu. Abraham Zacuto, Júù mìíràn láti Salamáńkà, ti ṣírò ìrìn òòrùn lójoojúmọ́ sínú àtẹ. Vizinho ló túmọ̀ iṣẹ́ náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní ìlú Leiria lọ́dún 1496.

Ohun tí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ń sọ kò le. Lọ́sàn-án ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ibì kan wà láyé tí òòrùn ti ń kan àtàrí àwọn ará ibẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ibẹ̀ jẹ́ dígírì 23 àti ìṣẹ́jú 26 sí gúúsù ìlà agbedeméjì. Ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ó jẹ́ iye kan náà sí àríwá. Láàárín wọn ni òòrùn ti ń lọ, tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe iye yìí ní ibùdó òòrùn. Ìṣẹ́jú tí mo sọ yìí kì í ṣe ti aago o: dígírì kan pín sí ìṣẹ́jú 60, ìṣẹ́jú kan lórí ìlà ìbú sì jẹ́ máìlì òkun kan, nǹkan bíi mítà 1,852.

Wíwọn òòrùn fúnra rẹ̀ ló pẹ́ kó tó gún. Irin róbótó tí wọ́n ń so rọ̀ kí wọ́n tó fi wo òòrùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, ìgbì òkun kì í sì í jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí Vasco da Gama ń lọ sí Íńdíà lọ́dún 1497, orí ilẹ̀ ló ti sọ̀ kalẹ̀ lọ wọn òòrùn tirẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, torí orí ọkọ̀ kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ó tó ọdún 1731 kí John Hadley tó gbé irinṣẹ́ onídígí méjì wá síwájú àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní nǹkan bí ọdún 1757, wọ́n fẹ ojú rẹ̀ sí i kó lè wọn tó dígírì 120, ó sì di sẹ́sítáǹtì tí à ń rí lónìí.

Ìrísí rẹ̀ rèé: férémù irin tó ṣeé fi ọwọ́ kan gbé, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tí wọ́n sì fín nọ́ńbà sí i lára. Apá kan wà tó ń sún lórí ibi títẹ̀ yẹn, dígí kan sì wà lókè apá náà. Dígí kejì wà lọ́ọ̀ọ́kán awò tí èèyàn ń fojú sí: ìdajì rẹ̀ jẹ́ dígí, ìdajì tó kù mọ́ gaara. Láti ibi tó mọ́ ni a ti ń rí ìlà tí òkun ti pàdé ojú ọ̀run. Láti ìdajì kejì ni a ti ń rí òòrùn, lẹ́yìn tí gíláàsì dúdú bá ti pa iná rẹ̀. Bí a bá ṣe ń sún apá náà, òòrùn á máa sọ̀ kalẹ̀ títí etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ á fi kan omi. Nítorí pé méjèèjì wà nínú awò kan ṣoṣo, bí ọkọ̀ bá mì, wọ́n á jọ mì pọ̀ ni. A tún gbọ́dọ̀ fi ọrùn ọwọ́ mi irinṣẹ́ náà sọ́tùn-ún sósì díẹ̀díẹ̀. Òòrùn á máa fì, ibi tó bá ti rẹlẹ̀ jù lọ ló gbọ́dọ̀ ti kan omi. Ẹni tí kò bá mì í á ka iye tó ju bó ṣe yẹ lọ.

Níwájú Mahin, aago máa ń tó nǹkan bíi 12:40 kí òòrùn tó dé góńgó, ó lè yá tàbí kó pẹ́ díẹ̀ ní oṣù mìíràn. Atukọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Òòrùn ń gòkè, ó ń fi omi sílẹ̀, atukọ̀ náà ń yí ìdè kékeré, ó ń dá a padà. Tó bá yá, òòrùn á dúró, kò ní gòkè mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rì sínú omi. Iye tó wà lójú irin nígbà tó dúró ni à ń wá. Aago kò ṣe pàtàkì níbẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará àtijọ́ fi mọ ìlà ìbú tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó lè mọ bí wọ́n ṣe jìnnà tó sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn.

Ká sọ pé ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ni, atukọ̀ kọjú sí gúúsù, ó sì ka 60° 13′. Ó ti yẹ irinṣẹ́ rẹ̀ wò, ó rí i pé ó ń fi ìṣẹ́jú 2 lé e. Ó yọ ọ́. Ojú rẹ̀ ga ju omi lọ ní mítà 3, gíga yẹn sì ń jẹ́ kí ìlà òkun rẹlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tún yọ ìṣẹ́jú 3. Etí ìsàlẹ̀ òòrùn ló sì wọ̀n, bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ ló ń fẹ́. Ó fi ìṣẹ́jú 16 kún un, lẹ́yìn tí ó ti yọ ìwọ̀nba tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ó kù 60° 24′. Láti ìlà òkun dé àtàrí jẹ́ 90°, nítorí náà òòrùn fi 29° 36′ jìnnà sí àtàrí rẹ̀. Ìyẹn ni pé òun alára wà ní 29° 36′ sí àríwá ibùdó òòrùn. Ibùdó ọ̀hún jẹ́ 23° 26′ sí gúúsù. Ó yọ èyí kúrò nínú tọ̀hún, ó ku 6° 10′ sí àríwá: ìlà ìbú Mahin nìyẹn.

Ní oṣù Kẹfà, àríwá ni yóò kọjú sí. Àlàfo àtàrí, ìyẹn bí òòrùn ṣe jìnnà tó sí àtàrí rẹ̀, á jẹ́ 17° 16′, ibùdó òòrùn á jẹ́ 23° 26′ sí àríwá. Òun ló wà ní gúúsù òòrùn báyìí, torí náà á yọ 17° 16′ nínú 23° 26′, á tún bá 6° 10′. Bó bá ṣèèṣì ṣe àròpọ̀, á bá ara rẹ̀ ní dígírì 40, nílẹ̀ Yúróòpù, á sì rẹ́rìn-ín ara rẹ̀. Oṣù Kẹrin ló léwu. Ní nǹkan bí ọjọ́ 10 oṣù náà, ibùdó òòrùn wà ní nǹkan bíi dígírì 8 sí àríwá, àlàfo àtàrí kò sì ju 1° 50′ lọ. Òòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lókè orí tààrà. Láàárín ìṣẹ́jú aago díẹ̀, ó ti fò láti ìlà oòrùn bọ́ sí ìwọ̀ oòrùn, èèyàn kò sì tètè mọ ìhà tó yẹ kí òun kọjú sí. Ẹni tó bá gba àríwá fún gúúsù níbí á ní 9° 50′, ọkọ̀ rẹ̀ á sì wà ní àdúgbò Bùsà Tuntun lórí ìwé. Ìyẹn náà ṣì ṣeé mọ̀. Ní ọjọ́ tí àlàfo bá ku ìṣẹ́jú 10 péré, àṣìṣe kan náà á sún ọkọ̀ ní máìlì 20, kò sì ní sí ohun tó máa ta á lólobó.

Oṣù Kẹfà ní ìjàǹbá tirẹ̀, èyí tí ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ará Yúróòpù kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Etíkun wa kọjú sí gúúsù, nítorí náà ẹni tó bá kọjú sí àríwá láti orí òkun, ilẹ̀ ló ń wò. Ẹni tí ojú rẹ̀ ga ju omi lọ ní mítà 3 ń rí ìlà òkun tòótọ́ ní nǹkan bíi máìlì 3 àti ààbọ̀. Bí ilẹ̀ bá sún mọ́ ọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí omi ti kan ilẹ̀ ló máa rò pé ó jẹ́ ìlà òkun, ìyẹn sì rẹlẹ̀ ju èyí tòótọ́ lọ. Ní máìlì kan sí etíkun, òòrùn á fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 ga ju bó ṣe yẹ lọ lójú irin, ọkọ̀ á sì rò pé òun ti fi máìlì 3 sún mọ́ àríwá ju ibi tí òun wà lọ. Àfi kó jáde síta kó tó wọn òòrùn. Oṣù Kejìlá kò ní wàhálà yìí, òkun gbalasa ló wà níwájú, ṣùgbọ́n ọyẹ́ lè pa ìlà òkun rẹ́ lọ́jọ́ mìíràn tó fi jẹ́ pé òòrùn kò ní ibi tí yóò kàn.

Ìlà ìbú nìkan kò tó láti mọ ibi tí ọkọ̀ wà, síbẹ̀ ó tó láti fi wá ilẹ̀. Etíkun Èkó wà ní nǹkan bí 6° 25′. Láti Lẹ́kí, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sí gúúsù díẹ̀díẹ̀ títí dé Mahin. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá wà ní 6° 10′ níwájú Èkó, ilẹ̀ ṣì jìnnà sí i ní nǹkan bíi máìlì 15. Bó bá dojú kọ ìlà oòrùn, tó ń wọn òòrùn lójoojúmọ́, tí kò kúrò lórí ìlà náà, etíkun Mahin ni ilẹ̀ á ti wá pàdé rẹ̀. Kó tó rí ilẹ̀, á ti máa ju okùn olójé sísàlẹ̀, á sì máa wo ohun tó lẹ̀ mọ́ òjé náà. Ní etíkun Èkó, iyanrìn ni. Níwájú Mahin, ẹrẹ̀ ni.