Olùdarí Tí Ó Ta Ìpín Kí Ìròyìn Tó Jáde

Ẹ jẹ́ kí a fi télọ̀ kan ní Okokomaiko ṣe àpẹẹrẹ. Ó kó ₦200,000 tí ó ti ń tọ́jú lé alágbàtà lọ́wọ́, ó sì ra 20,000 ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ kan, ní ₦10 ẹyọ kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ilé-iṣẹ́ náà kéde àdánù ńlá, ìpín kọ̀ọ̀kan sì já wá sí ₦6. ₦80,000 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé bí ọjà ṣe rí nìyẹn, a lè ní kí ó fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ olùdarí ilé-iṣẹ́ náà ni ó ń tà lọ́jọ́ tí télọ̀ ń rà, tí ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìwé àdánù náà ní ìpàdé ìgbìmọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní àyànmọ́. Ó ti di ìrẹ́jẹ.

Irú ìwà yìí ni òfin ọjà ìpín ti ọdún 2007 dè. Kì í ṣe olùdarí nìkan ni ó mú. Ó mú òṣìṣẹ́, ó mú ayẹ̀wé-owó-wò, ó mú ẹni tí ó ní ìpín márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì mú ẹni tí wọ́n ta lólobó. Bí olùdarí inú àpẹẹrẹ wa bá ta 1,000,000 ìpín ní ₦10, ₦4,000,000 ni ó fi yẹra fún àdánù. Ìlọ́po méjì iye náà, èyí tí í ṣe ₦8,000,000, ni òfin 2007 lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí kí ó fi ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún méje lọ jura. Òfin tuntun ti ọdún 2025 ti rọ́pò ti 2007, ṣùgbọ́n èèwọ̀ náà kò yí padà.

Kí ìdánwò má baà pọ̀ jù, Ọjà Ìpín ti Nàìjíríà ṣe ìlànà àkókò ìtìlẹ̀kùn. Bí ilé-iṣẹ́ bá ń múra láti gbé ìṣirò owó rẹ̀ jáde, olùdarí àti ẹbí rẹ̀ kò gbọdọ̀ rà, wọn kò gbọdọ̀ tà, títí wákàtí 24 yóò fi kọjá lẹ́yìn tí ìṣirò náà bá ti dé ọwọ́ Ọjà Ìpín. Ìdí wákàtí 24 yìí ni pé kí ẹni tí ó wà ní Ìbà àti ẹni tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ lè jọ mọ ohun kan náà kí wọ́n tó jọ ná ọjà.

Ibi tí ewu pọ̀ sí jù ni ibi tí ìṣirò bá ti pẹ́. 90 ọjọ́ lẹ́yìn òpin ọdún ni ó yẹ kí ìṣirò ọdún jáde. Ìṣirò ọdún 2014 ti ilé-iṣẹ́ epo Oando kò jáde títí di oṣù kẹwàá ọdún 2015, àdánù tí ó sì gbé wá ju ₦183 bílíọ̀nù lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, àjọ ìjọba tí ń bójú tó ọjà ìpín kéde pé, lára ohun tí òun ń wádìí ní ilé-iṣẹ́ náà, òun fura sí àwọn kan pé wọ́n fi àṣírí inú ilé ná ọjà. Wọ́n fi ìdíwọ́ sí òwò ìpín náà títí di oṣù kẹrin ọdún 2018. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2019, àjọ náà pàṣẹ pé kí àwọn kan fi ìgbìmọ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní òun kò jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù keje ọdún 2021, wọ́n parí ìjà náà ní ìtùnbí-ìnùbí, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbà pé òun jẹ̀bi tàbí pé òun kò jẹ̀bi.

Ìfura kì í ṣe ìdájọ́, a kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni jẹ̀bi. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà kọ́ wa ni pé ẹ̀sùn yìí ṣòro láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Gbogbo ayé lè rí ọjọ́ tí ènìyàn tà. Ohun tí ó mọ̀ lọ́jọ́ náà ni ó wà nínú ikùn rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó ní ìpín díẹ̀ kò wà láìní ohun tí yóò fi ṣọ́ra. Nínú ìwé ìṣirò ọdún ilé-iṣẹ́, tábìlì kan wà tí ó ń fi iye ìpín olùdarí kọ̀ọ̀kan hàn, ti ọdún yìí àti ti ọdún tí ó kọjá. Ẹ fi ọ̀kan wé èkejì. Bí ti ẹnì kan bá dín kù, ẹ wá ìkéde títà náà lójú òpó Ọjà Ìpín, níbi tí wọ́n ń kọ ọjọ́, iye àti òǹkà rẹ̀ sí. Ẹ wá gbé ọjọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn jáde. Bí ó bá bọ́ sínú àkókò ìtìlẹ̀kùn, ẹ ti ní ìbéèrè tí ẹ óò gbé dìde ní ìpàdé ọdọọdún, ẹ sì lè fi ìwé ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí àjọ náà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ìkéde wọ̀nyí. Alágbàtà tí ó gba owó oníṣòwò Àlàbá ní gbèsè àlàyé lọ́rùn: kí ó sọ fún un, ní èdè tí ó gbọ́, ìgbà tí ilẹ̀kùn wà ní títì, àti ẹni tí ó tà kí wọ́n tó tì í.