Bọ́ọ̀lù Irin Tó Ń Tutù àti Ẹnubodè Méjì Tí Ooru Ń Là Kọjá

Ẹni tó bá ti kánjú jẹ àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo mọ̀ pé ẹlẹ́tàn ni. Ìta rẹ̀ á ti tutù dé ibi tí ọwọ́ ti lè gbà á mú, ṣùgbọ́n bí eyín bá kan inú rẹ̀ báyìí, ahọ́n á bó. Bọ́ọ̀lù irin kékeré, irú èyí tó ń yí nínú béárìn, kì í ṣe ẹlẹ́tàn bẹ́ẹ̀. Yọ ọ́ nínú iná, jẹ́ kó tutù nínú afẹ́fẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá fi ń tutù, bí ìta rẹ̀ bá ṣe gbóná tó ni inú rẹ̀ náà ṣe gbóná tó. Torí èyí, onímọ̀ ẹ̀rọ lè ka gbogbo bọ́ọ̀lù náà sí ohun kan ṣoṣo tó ní ìwọ̀n ìgbóná kan ṣoṣo, kó sì fi ìṣirò kékeré sọ iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà kó tó tutù. Àmọ́ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ nǹkan kan wò.

Ooru tó bá fẹ́ kúrò ní àárín bọ́ọ̀lù ní ẹnubodè méjì láti là kọjá. Èkíní wà nínú irin fúnra rẹ̀, láti àárín dé ara. Èkejì wà lójú ara, níbi tí ooru ti ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́. Ẹ fi wé gbọ̀ngàn àríyá tí àpèjẹ ti parí. Bí inú gbọ̀ngàn bá fẹ̀, tí géètì sì rí tóóró, kò sí igun tí èrò máa kọ́kọ́ dá nínú gbọ̀ngàn náà. Bí àwọn èèyàn ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn tó kù ń tàn káàkiri, gbogbo ilé á sì máa dín kù bákan náà. Ṣùgbọ́n bí géètì bá gbòòrò, tó jẹ́ pé àárín àga ni ó há, àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà á ti délé kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó dìde. Irin nínú afẹ́fẹ́ jọ gbọ̀ngàn àkọ́kọ́. Àkàrà jọ èkejì.

Ohun tí à ń yẹ̀ wò ni pé, ìdènà inú jẹ́ ìdá mélòó nínú ìdènà ojú ara? Orúkọ Jean-Baptiste Biot, onímọ̀ físíìsì ará Faransé tí wọ́n bí ní 1774, ni wọ́n fi pe iye tó jẹ́ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Báyìí ni wọ́n ń kọ ọ́:

Bi = h × L ÷ k

k ni bí ohun náà ṣe ń jẹ́ kí ooru gba inú rẹ̀ kọjá tó. H ni bí ohun tó yí i ká ṣe ń gba ooru lára rẹ̀ tó. L sì ni ohun tí a rí bí a bá fi fífẹ̀ ara rẹ̀ pín àyè inú rẹ̀. Ní ti bọ́ọ̀lù, L jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n tó wà láti àárín dé ara.

Ẹ jẹ́ ká mú bọ́ọ̀lù irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10. Láti àárín rẹ̀ dé ara jẹ́ mìlímítà 5, nítorí náà L jẹ́ mìlímítà 1.67, ìyẹn mítà 0.00167. k irin yìí tó 45. A mú un gbóná dé dígírì 200, a sì gbé e kọ́ sínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wà ní dígírì 30. Bí a bá ka ooru tí irin ń tàn jáde mọ́ èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ, h yóò tó nǹkan bí 20. Bi wá jẹ́ 0.00074. Ìtumọ̀ èyí ni pé ìdènà ojú ara fi nǹkan bí ìlọ́po 1,350 ju ìdènà inú lọ. Òdiwọ̀n tí wọ́n ń lò ni pé kí Bi má ju 0.1 lọ, èyí sì kéré jìnnà sí i. A lè ka bọ́ọ̀lù wa sí ohun kan ṣoṣo láìfòyà.

Ìgbà yìí ni òfin tí Isaac Newton gbé jáde ní 1701 wúlò fún wa: bí ohun gbígbóná bá ṣe gbóná ju àyíká rẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa yára tutù tó. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín bọ́ọ̀lù àti yàrá jẹ́ dígírì 170 ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà kan wà tí irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ máa ń lò kí ìyàtọ̀ náà tó ṣẹ́ ku ìdá 37 nínú 100. Láti rí i, a ó fi h pín ìsọdipúpọ̀ ohun mẹ́ta: bí irin ṣe wúwo tó, iye ooru tó lè gbà mọ́ra, àti L. Fún bọ́ọ̀lù tiwa, ìṣẹ́jú àáyá 312 ni, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà kan, bọ́ọ̀lù á wà ní dígírì 93. Lẹ́yìn ìgbà kejì, 53. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, 38. Bó ṣe ń sún mọ́ ìgbóná yàrá ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo.

Ní báyìí, ẹ mú bọ́ọ̀lù kan náà, ní dígírì 200 kan náà, kí ẹ jù ú sínú omi. Omi á hó yí i ká, h sì lè gòkè dé 10,000. Irin kò yí padà, ìtóbi rẹ̀ kò yí padà, síbẹ̀ Bi ti di 0.37. Géètì ti ṣí gbayawu. Inú gbọ̀ngàn ló há wàyí. Bí a bá fi ìṣirò tó péye wò ó, nígbà tí àárín bọ́ọ̀lù ṣì fi dígírì 100 gbóná ju omi lọ, ara rẹ̀ á fi nǹkan bí 61 péré jù ú lọ. Ẹni tó bá ka bọ́ọ̀lù yìí sí ohun kan ṣoṣo yóò sọ pé ó ti tutù nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì ń jó. Irú ìyàtọ̀ báyìí wà lára ohun tó ń mú kí irin ya nígbà mìíràn tí alágbẹ̀dẹ bá rì í pọ̀n-ún sínú omi: inú àti ìta kò yí padà lákòókò kan náà, wọ́n sì ń fa ara wọn.

Mo ní àròyé díẹ̀ lórí 0.1 yẹn. Kì í ṣe ògiri. Bọ́ọ̀lù tí Bi rẹ̀ jẹ́ 0.1 gẹ́lẹ́, tí a fi ìdá kan nínú mẹ́ta ṣe L, ṣì ní ìyàtọ̀ tó tó ìdá 13 nínú 100 láàárín inú àti ara. Bí a bá fi gbogbo mìlímítà láti àárín dé ara ṣe L, tí Bi kò sì ju 0.1 lọ, ìyàtọ̀ náà kò ní ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Èmi fara mọ́ ti ìkejì yìí bí iṣẹ́ bá nílò ìpéye.

Báwo la ṣe lè fi ojú rí i? Wọ́n máa ń lu ihò tín-ínrín dé àárín bọ́ọ̀lù, wọn á ki wáyà tó ń wọn ìgbóná bọ̀ ọ́, wọn á sì máa kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀. Bí a bá ya lọ́gárídímù ìyàtọ̀ náà sí àtẹ pẹ̀lú àkókò, ó yẹ kó di ìlà gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣìnà níbí yìí, torí pé bọ́ọ̀lù tí Bi rẹ̀ pọ̀ náà máa ń fún wa ní ìlà gbọọrọ tó bá yá. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kí a wò. Bí Bi bá kéré, láti ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ni ìlà náà ti gùn gbọọrọ. Bí Bi bá pọ̀, àárín bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ dúró bí ẹni tí kò gbọ́ pé wọ́n ti jù ú sómi, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Bí ìlà bá sì ń tẹ̀ títí dé òpin, h ló ń yí padà: nínú afẹ́fẹ́ tí kò fẹ́, h máa ń dín kù bí bọ́ọ̀lù ti ń tutù. Torí náà, ìṣẹ́jú àáyá 312 tiwa yóò máa gùn sí i díẹ̀díẹ̀.

Kì í ṣe irin nìkan ló lè yege. Bọ́ọ̀lù gíláàsì tó tóbi bákan náà, tí k rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1, ní Bi tó jẹ́ 0.033 nínú afẹ́fẹ́ yẹn. Gíláàsì yege nínú afẹ́fẹ́. Irin kùnà nínú omi. Kí ẹ tó gba orúkọ ohun kan gbọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó yí i ká.