Egbò Aláwọ̀ Oyin Lẹ́nu Ọmọdé

Ọ̀fìnkìn ló sábà máa ń lànà fún un. Ọmọ ọdún 4 ń nu imú ṣáá títí awọ abẹ́ imú rẹ̀ fi bó. Nígbà tó yá, ìyá rẹ̀ rí roro pupa kéékèèké létí ẹnu rẹ̀. Roro náà bẹ́, omi ń sun níbẹ̀, omi ọ̀hún sì gbẹ di èépá bí oyin tó dì mọ́ etí ìgò. Impẹtígò nìyẹn. Kòkòrò bakitéríà ló ń fà á, èyí tó lè wà nímú ẹni tí ara rẹ̀ le láìṣe é ní nǹkan kan, àfi tó bá rí ojú awọ tó bó: ibi tí ẹ̀fọn jẹ, tàbí ibi tí kúrúnà mú kí ọmọ họ.

Omi inú egbò yẹn ló ń ràn. Ọmọ họ ẹnu, ó fi èékánná kan náà họ apá, egbò yọ lápá. Ó fi aṣọ ìnura nujú, àbúrò rẹ̀ náà fi nujú. Nǹkan bí ọjọ́ 4 sí 10 lẹ́yìn náà, tàbúrò yọ. Nítorí náà, ẹ gé èékánná rẹ̀, ẹ ya aṣọ ìnura rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ tó fi ń sùn.

Tí egbò ò bá ju méjì mẹ́ta lọ, tí ara ọmọ ò sì gbóná, kò nílò oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń gbé mì. Ẹ fi ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rin èépá náà títí yóò fi rọ̀, ẹ rọra nù ún kúrò, nítorí oògùn ìpara kì í ráyè wọlé tí èépá bá bò ó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi ìpara tí dókítà bá kọ, irú bíi mupirósìnì, pa á fún ọjọ́ 5 sí 7.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni kápúsù tí a ń tú dà sójú egbò, àti ìpara àdàlù tí wọ́n fi sitẹ́rọ́ọ̀dù sí. Sitẹ́rọ́ọ̀dù á jẹ́ kí pípọ́n awọ rọlẹ̀, àmọ́ kòkòrò á máa ráyè tàn kálẹ̀.

Tí egbò bá ti dé apá àti ẹsẹ̀, tó bá yọ roro ńláńlá, tí ibà bá dé, tàbí tí ìpara ò ràn án lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń gbé mì ti di dandan. Dókítà ló máa wọn iye tó yẹ ọmọ, a ò sì gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí pé èépá ti ń ṣí. Lẹ́yìn wákàtí 48 tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ọmọ lè padà síléèwé.

Ẹ ṣì máa wo ìtọ̀ rẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí egbò tilẹ̀ ti san. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan lára àwọn kòkòrò yìí máa ń dá wàhálà sílẹ̀ fún kíndìnrín. Bí ojú ọmọ bá wú láàárọ̀, tí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú tàbí tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.