Nígbà tí Nẹ́pà mú iná lọ, ìwé gbèsè dà?

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan ni mo dé ṣọ́ọ̀bù Alhaja ní ọjà Gbági Tuntun, n'Ìbàdàn. Àńkárá, léèsì àti gínì ló ń tà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń wo aṣọ lọ́jọ́ náà. Ìwé àjákọ mẹ́ta ló wà ní ṣíṣí lórí káńtà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ń pe orúkọ oníbàárà sókè, Alhaja alára sì ń pè wọ́n lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ rò pé ó kù lọ́wọ́ yín?" Gbèsè ọjọ́ mẹ́sàn-án ló sọnù nínú kọ̀ǹpútà. Olówó ló wá ń bẹ ajigbèsè pé kó bá òun rántí.

Ẹni tó bá mọ òwò aṣọ mọ̀ pé àwìn ló gbé e ró. Àwọn tó ń rà lọ́pọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ a san ìdajì, wọn a mú ìyókù wá nígbà tí wọ́n bá tún padà wá rajà. Ti aṣọ ẹbí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹnì kan ni yóò wá mú aṣọ, ogójì ènìyàn ni yóò máa san án díẹ̀díẹ̀. Ta ló kù, èló ló kù: níbẹ̀ gan-an ni owó Alhaja wà. Aṣọ tó wà lórí pákó wulẹ̀ jẹ́ èyí tí ojú rí ni.

Kọ̀ǹpútà ńlá kan wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù náà, òun ni wọ́n ń pè ní sáfà. Inú rẹ̀ ni ètò ìṣirò owó wà, láptọ́ọ̀pù méjì tó wà níwájú sì ń gba inú ráútà kékeré kan bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń tẹ ọjà àwìn kan wọlé, Nẹ́pà mú iná lọ. (Láti 2005 ni orúkọ yẹn ti kúrò lára ilé iṣẹ́ mànàmáná, ṣùgbọ́n ta ló ń pè é ní nǹkan mìíràn?) Yú-pí-ẹ́ẹ̀sì tó wà lábẹ́ tábìlì ké lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Nígbà tí iná dé, ètò náà ní òun kò lè ṣí ìwé owó mọ́. Ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ṣe é.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an? Àwìn kan ṣoṣo, ibi mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà ń kọ ọ́ sí. Yóò yọ yáàdì mẹ́wàá kúrò nínú aṣọ tó wà nílẹ̀, yóò fi owó rẹ̀ kún gbèsè oníbàárà, yóò sì kọ ọ́ mọ́ ọjà tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà. Bí iná bá lọ lẹ́yìn èkíní, tí kò tíì kan èkejì, aṣọ ti lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ gbèsè rẹ̀. Ètò tó dára mọ ọgbọ́n tí yóò dá sí èyí. Kó tó fọwọ́ kan ìwé gangan, yóò kọ́kọ́ kọ gbogbo ohun tó fẹ́ ṣe sínú ìwé kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tí iná bá dé tó sì jí, ìwé kékeré yẹn ni yóò kọ́kọ́ kà: èyí tó bá pé, yóò parí rẹ̀, èyí tí kò bá pé, yóò pa á rẹ́. Àwọn ètò àtijọ́ kan kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń dì mú, bí ọwọ́ kan bá já lára rẹ̀ lójijì, fáìlì lè dàrú pátápátá. Dísìkì náà tún máa ń purọ́ nígbà mìíràn. Yóò ní òun ti kọ ọ́ tán, bẹ́ẹ̀ inú ìrántí tó ń pòórá bí iná bá lọ ni ọ̀rọ̀ náà ṣì wà.

Ẹ lè dán ètò wò kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Ẹ gbé e sórí kọ̀ǹpútà tí kò sí nǹkan gidi nínú rẹ̀, kí ẹ máa tẹ ọjà àfẹnujẹ́ wọlé, kí ẹ sì fa wáyà iná yọ bí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ṣe ń wọlé. Ẹ tan án padà. Mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ kí ẹ bá níbẹ̀, aṣọ tó dín sì gbọ́dọ̀ bá gbèsè tó lé mu. Ẹ tún un ṣe nígbà márùn-ún. Bó bá já yín kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Ọkọ ọmọ Alhaja ní kí wọ́n kúkú gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa san owó oṣù fún ilé iṣẹ́ tó ní sáfà tirẹ̀ níbi tí iná kì í ti lọ, kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kàn máa fi fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù wọ ibẹ̀. Alhaja wojú mi. "Ọmọ mi, Nẹ́pà ni mo ń sá fún yìí, ẹ tún fẹ́ fà mí lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí iná bá lọ, dísù àti bátìrì ni òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò. Bí dísù bá tán, òpó náà á kú. Ọ̀nà tún jìn ju òpó àdúgbò lọ. Ní 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Àbíjáǹ, íńtánẹ́ẹ̀tì sì ń rìn bí ìgbín ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn oníbàárà báńkì ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n lára. Nítorí náà mo ní kí a má jiyàn, kí a kà á.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi kà á. Ọmọ iṣẹ́ kan ń kọ àkókò tí iná lọ àti ìgbà tó dé, ó sì ń kọ ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lè ṣí ojú ewé kan. Aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, wákàtí 120 nìyẹn. Iná wà fún 47 péré. Síìmù tí Alhaja ń lò sọnù fún wákàtí 6. Ṣùgbọ́n síìmù ilé iṣẹ́ mìíràn wà nínú fóònù ọmọ iṣẹ́, àkókò tí méjèèjì jọ kú kò sì ju ogójì ìṣẹ́jú lọ nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà. Ti Gbági nìyẹn o, lọ́sẹ̀ méjì yẹn. Ti àdúgbò yín lè yàtọ̀, ó sì yẹ kí ẹ kà á fúnra yín.

Nígbà tí a ka iná tán, a wá wò ó pé kí ni yóò gbé sáfà náà dúró. Òun àti gíláàsì ojú rẹ̀ ń jẹ bí i wáàtì 130. Bátìrì inú yú-pí-ẹ́ẹ̀sì kékeré kì í ju 84 wáàtì-wákàtí lọ, nítorí náà bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun, kò ní tó ogójì ìṣẹ́jú. Bí ooru ṣọ́ọ̀bù bá ti nà án fún ọdún mẹ́ta, ó di ìṣẹ́jú-àáyá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹ ráàyè pa kọ̀ǹpútà dáadáa, kì í ṣe kí ẹ máa fi tajà. Bí a bá ní ká ra ínfátà àti bátìrì ńlá kan, irú 12 fóòtì, 200 áḿpù-wákàtí, ìwé rẹ̀ yóò sọ pé 2,400 ló gbà. Bátìrì olómi kì í pẹ́ láyé bí ẹ bá ń fa ju ìdajì rẹ̀ lọ, ínfátà alára sì ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Bí 1,000 ló máa kù tí ẹ lè fọkàn tán, ìyẹn wákàtí méje àti díẹ̀ fún sáfà Alhaja. Lọ́jọ́ tí iná kò bá dé rárá, lẹ́yìn aago mẹ́ta ọ̀sán ni yóò dákẹ́, jẹnẹrétọ̀ ló kù.

Fóònù kan àti ráútà kékeré kì í ju wáàtì 10 lọ. Odindi ọjọ́ kò ju 100 wáàtì-wákàtí. Bátìrì kékeré lábẹ́ káńtà ti tó o. Ìṣirò yìí ni Alhaja gbọ́ tó fi dákẹ́.

Síbẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì ní àrùn tirẹ̀, owó dọ́là ló sì burú jù. Owó oṣù dọ́là 20 jẹ́ bí ₦9,300 níye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, ó ti ju ₦30,000 lọ, láìsí pé ilé iṣẹ́ kan fi kọ́bọ̀ kún un. Ẹni tó bá ń gba náírà ni kí ẹ wá. Kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ bi í ní ìbéèrè kan: bí n kò bá rówó san lóṣù kan, ṣé mo ṣì lè rí ìwé mi, kí n sì kó o jáde? Àwọn kan á jẹ́ kí ẹ máa wò ó láìkọ nǹkan sí i. Àwọn mìíràn á tilẹ̀kùn mọ́ yín.

Àwọn áàpù kan ń fọ́nnu pé àwọn ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ẹ ta ọjà mẹ́ta, ẹ pa fóònù náà, ẹ tún un tàn, kí ẹ wá tan nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èyí tí a kọ́kọ́ dán wò gbé ọjà kan mì nínú mẹ́ta. Èkejì kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé, òun la mú.

Ohun kékeré kan tún wà tó ń da ìhà méjèèjì láàmú. Bátìrì bí owó ẹyọ kan wà nínú kọ̀ǹpútà tábìlì, `CR2032` ni wọ́n sábà ń kọ sára rẹ̀, òun ló ń mú aago dúró bí iná bá lọ. Bó bá ti kú, gbogbo ìgbà tí iná bá dé ni kọ̀ǹpútà yóò máa rò pé ọdún pípẹ́ sẹ́yìn ni òun wà. Rìsíìtì yóò máa gbé déètì tó ti kọjá, ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì yóò sì kọ̀ láti ṣí. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ ráútà méjì nítorí bátìrì yìí.

Bó bá jẹ́ súpámákẹ́ẹ̀tì ni Alhaja ní, tí èrò tò sí ìdí káńtà, tí wọ́n ń fi iná pupa ka ọjà lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò ní ní kó lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìkan. Káńtà kò lè dúró de òpó. Láptọ́ọ̀pù ni mo máa ní kó fi ṣe sáfà, nítorí bátìrì tirẹ̀ wà nínú ikùn rẹ̀, kò sì ń jẹ tó ìdajì iná ti tábìlì. Ẹ̀dà ìwé owó yóò sì máa jáde lálaalẹ́ lọ sí ibòmíràn tí kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá rántí iná tó jó ní Balógun l'Ékòó lóṣù kọkànlá 2019 kò ní bi mí pé kí ló dé.

Ṣùgbọ́n ọjà aṣọ kì í kánjú bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ná léèsì lè jókòó mu omi. Ìwé rìsíìtì oníkábọ́ọ̀nù tó ní nọ́ńbà wà lábẹ́ káńtà báyìí. Bí síìmù méjèèjì bá kú, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọjà sí, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì náà bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Bí nọ́ńbà kan bá fò, wọ́n mọ̀ pé rìsíìtì kan kò tíì wọlé. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ iṣẹ́ ń kó orúkọ àwọn ajigbèsè jáde sínú fíláàṣì, Alhaja ń mú un lọ sílé. Ó ní kí wọ́n máa ṣí i lójú òun kí òun tó fi í sínú báàgì.

Sáfà àtijọ́ ṣì wà ní kọ̀rọ̀. Gínì ni wọ́n ń tò lé e lórí.