Lọ́wọ̀ọ̀wọ́ Là Ń Kó Tébù Ńlá

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ kó àkọsílẹ̀ owó táwọn oníbàárà ti san láti inú dátábéèsì àtijọ́ lọ sínú tuntun. Ìlà 80,000,000 ló wà nínú tébù náà. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá gba báìtì 500, gbogbo rẹ̀ di gígábáìtì 40. Ọ̀pọ̀ ètò tó ń bá PostgreSQL ṣiṣẹ́ ló jẹ́ pé wọ́n á kó gbogbo èsì sínú ìrántí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó fún wa ní ìlà àkọ́kọ́. Kọ̀ǹpútà tí ìrántí rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 8 kò lè gbà á. Iṣẹ́ náà á dá sọnù lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tá a fi ń kó o lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ìlà 5,000 kò ju mẹ́gábáìtì 2.5 lọ. Bá a bá ti kọ ọ̀wọ́ kan sí ibi tuntun, a ó yọ ọ́ kúrò nínú ìrántí, a ó sì mú òmíràn.

Báwo la ṣe máa mọ ibi tí ọ̀wọ́ tó kàn ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lo `OFFSET`, wọ́n á ní kí dátábéèsì fo 40,000,000 kó tó mú 5,000. Àmọ́ kò lè ṣàdédé fò wọ́n: ṣe ló máa kà wọ́n kọjá, tá á sì dà wọ́n nù. Bíṣẹ́ ṣe ń lọ ló ṣe ń falẹ̀ sí i. Bí ẹnì kan bá sì pa ìlà kan rẹ́ níbi tá a ti kó kọjá, ìlà tó kù á sún sókè, ẹyọ kan á sì bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ohun tó dára ni pé ká fi nọ́ńbà `id` tá a kó kẹ́yìn wá èyí tó kàn:

```sql
SELECT * FROM sisanwo
WHERE id > 40000000
ORDER BY id
LIMIT 5000;
```

Atọ́ka tó wà lórí `id` á gbé dátábéèsì lọ síbẹ̀ tààrà.

Nọ́ńbà ìkẹyìn yìí náà la ó fi máa bá iṣẹ́ lọ bí iná bá lọ. Inú dátábéèsì tuntun ni ká kọ ọ́ sí, nínú ìdúnàádúrà kan náà pẹ̀lú ìlà 5,000 yẹn, kí méjèèjì lè wọlé pa pọ̀ tàbí kí ìkankan má wọlé. Bá a bá kọ nọ́ńbà ṣáájú, tí iná sì lọ, ìlà 5,000 á sọnù láìsí ariwo. Bó bá jẹ́ ìlà ló ṣáájú, a ó tún wọn kó. `ON CONFLICT (id) DO NOTHING` ni ò ní jẹ́ kí wọ́n di méjì-méjì.

Ọgbọ́n yìí kò rí àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí ìlà tá a ti kó kọjá. Nítorí náà, ó dáa kí wọ́n má kọ nǹkan kan sínú tébù àtijọ́ títí iṣẹ́ á fi parí. Lẹ́yìn náà, ká ka ìlà níhà méjèèjì, ká sì ro àròpọ̀ owó wọn. Bí iye ìlà bá dọ́gba, tí owó kò dọ́gba, ó lè jẹ́ pé ìlà kan ti yí padà lẹ́yìn tá a kó o.