Ọjà Tó Ń Gbé Owó Ni Kí Ẹ Máa Kà Jù

Bi ẹni tó ń ta ohun èlò ìkọ́lé pé èwo nínú ọjà rẹ̀ ló yẹ kó máa ṣọ́ jù, ó ṣeé ṣe kó nawọ́ sí pọ́ǹpù omi, torí pé òun ló wọ́n jù ní ṣọ́ọ̀bù. Àmọ́ owó ẹyọ kan kọ́ ni ká wò, bí kò ṣe owó tí ọjà náà ń gbé láàárín ọdún kan.

Orí èyí ni ìlànà ABC dúró lé. Ford Dickie, òṣìṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1951. Ẹ kọ ọjà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ẹ wo iye tó jáde lọ́dún, kí ẹ fi iye tí ẹ ra ẹyọ kan sọ ọ́ di púpọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n láti orí èyí tó gbé owó jù.

Ká ní ṣọ́ọ̀bù kan ń ta oríṣi ọjà 10, àpapọ̀ owó wọn lọ́dún sì jẹ́ mílíọ̀nù 50 náírà. Àpò sìmẹ́ńtì 3,000 ní ₦9,000 jẹ́ mílíọ̀nù 27. Irin gbé mílíọ̀nù 12. Ọjà méjì péré yìí ti kó ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà: àwọn ni A. Páànù, ọ̀dà àti táìlì gbé mílíọ̀nù 8 láàárín ara wọn: àwọn ni B. Márùn-ún tó kù pín mílíọ̀nù 3: àwọn ni C. Pọ́ǹpù omi wà níbẹ̀, torí pé mẹ́rin péré ló ń tà lọ́dún ní ₦150,000.

Ní báyìí, ẹ lè máa ka A lóṣooṣù, B ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, C lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bí àpò sìmẹ́ńtì bá dín sí ohun tó wà nínú ìwé, ẹ óò tètè mọ̀. Ẹ máa ra A díẹ̀díẹ̀ lemọ́lemọ́, kí owó má baà há sínú rẹ̀, kí sìmẹ́ńtì má sì dì. Ìṣó ní tirẹ̀, ẹ lè ra púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ gbàgbé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Síbẹ̀, owó nìkan ni ìlànà yìí ń wò. Wáyà tí wọ́n fi ń di irin wà lára C, ṣùgbọ́n bí ó bá tán, oníbàárà tó fẹ́ ra irin yóò lọ ra méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ kò nílò kíkà lemọ́lemọ́. Ẹ kàn rà á lé, torí pé kò wọ́n. Kí ẹ sì tún ìṣirò náà ṣe lọ́dọọdún: bí kọngílá kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó táìlì lọ́dọ̀ yín, B lè di A láìpẹ́.